Bí A Ti Ń Dá Èdè fún Àwọn Ará Ayé Àlọ́: Èdè Na'vi Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Ní ìgbà èwe wa, bí àwọn ẹ̀gbọ́n wa obìnrin bá jókòó ti ara wọn ní ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ tí wọn kò fẹ́ kí etí ọmọdé gbọ́, ẹnà ni wọ́n máa ń fọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wí pé “wá” yóò wí pé “wágá”. Ẹni tí ó bá fẹ́ wí pé “mo fẹ́ lọ” yóò wí pé “mogo fẹ́gẹ́ lọgọ”. Àwa tí a tẹ́tí lélẹ̀ lẹ́bàá ògiri a sì rò pé èdè àjèjì kan ni, títí di ọjọ́ tí a já a pé Yorùbá gan-an ni, pé wọ́n kàn ń fi ìró kan há a láàárín ni. Mo fi ẹnà bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò nípa èdè tí àwọn ará ayé àlọ́ ń sọ nínú fíìmù kò ju èyí náà lọ: àwọn kan gbà pé Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ẹnà bò mọ́lẹ̀ ni, àwọn mìíràn sì gbà pé wótowòto lásán ni, pé òṣèré kàn ń la ẹnu, ó sì ń pa á dé bí ó ti wù ú. Èrò méjèèjì kò tọ̀nà, ọ̀nà tí mo sì fẹ́ gbà fi èyí hàn ni pé kí n mú èdè kan ṣoṣo, kí n tú u palẹ̀ bí ẹni tú ẹrù ọjà, kí olùkàwé fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Èdè náà ni Na'vi, èyí tí àwọn ẹ̀dá aláwọ̀ búlúù, onírù gígùn, ń sọ nínú fíìmù Avatar tí James Cameron gbé jáde ní ọdún 2009, tí èkejì rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 2022.

Ohun tí a ń pè ní èdè àtọwọ́dá

Èdè àtọwọ́dá ni èdè tí ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ jókòó dá, tí kì í ṣe pé ìran kan bí i tí wọ́n sì ń fi í lé ọmọ lọ́wọ́ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. A lè fi ilé wé e. Ìró ni amọ̀, ọ̀rọ̀ ni bíríkì tí a fi amọ̀ náà mọ, girama sì ni ọgbọ́n ọ̀mọlé, tí ó ń sọ bíríkì tí yóò gbé òmíràn rù àti èyí tí kò gbọdọ̀ kúrò ní igun ilé. Ẹnà kò ní amọ̀ tirẹ̀, kò sì ní ọ̀mọlé. Ilé Yorùbá ni, ọ̀dà ni a tún un kùn. Ṣùgbọ́n èdè àtọwọ́dá tòótọ́ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdí sì nìyí tí a fi lè kọ́ ọ, tí a sì lè fi sọ gbólóhùn tí ẹnì kan kò sọ rí.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àwọn tí ó ti ṣe iṣẹ́ yìí kò sì gba ibì kan náà wọlé. J. R. R. Tolkien, tí í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford, ti ń dá èdè Quenya, tí ó ní òórùn èdè Finland, kí ó tó di pé ó kọ ìtàn àwọn iwin tí ó ń sọ ọ́. Èdè ni ó kọ́kọ́ wà, ó sì wá ènìyàn fún un. Marc Okrand ní tirẹ̀ bá fíìmù tí a ti kọ pàdé, a sì ní kí ó fún àwọn jagunjagun Klingon ní èdè tí ó le gbagidi fún fíìmù Star Trek ti 1984. Ohun tí ó ṣe ni pé ó gbé àbọ̀ síwájú, ó sì gbé olùwà sẹ́yìn, nítorí pé ìwọ̀nba èdè ọmọ aráyé ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi ètò Klingon to ọ̀rọ̀ Yorùbá, “ẹkùn pa ọdẹ” yóò túmọ̀ sí pé ọdẹ ni ó pa ẹkùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọdẹ àti ẹkùn yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sọ́dọ̀ wọn.

Ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ àti ohùn mẹ́ta

Nígbà tí Cameron kọ ìtàn Avatar, ó ti dá nǹkan bí 30 ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ orúkọ ènìyàn àti ti ẹranko, tí ìró wọn sì jọ ti èdè àwọn ará erékùṣù Òkun Pàsífíìkì. Ó mọ̀ pé 30 ọ̀rọ̀ kò lè gbé ìran kan ró, nítorí náà ní 2005 ó wá onímọ̀ èdè, ó sì bá Paul Frommer pàdé, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Gúúsù Kalifóníà, ẹni tí ó ti gbé ní Malaysia àti ní Iran, tí ó sì ti kọ ìwé ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí èdè Pásíà.

Frommer kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀. Amọ̀ ni ó kọ́kọ́ pò. Ó ṣe àpẹẹrẹ ìró mẹ́ta tí kò ní ìtumọ̀ kankan, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí Cameron kí ó yan èyí tí etí rẹ̀ fẹ́. Àkọ́kọ́ fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń fi ohùn ya ọkọ́ kúrò lára ọkọ̀ àti ọkọ. Èkejì fi gígùn àti kíkúrú fáwẹ́lì ṣe é. Ẹ̀kẹta lo àwọn kọ́ńsónáǹtì kan tí a ń fi èémí tí a há mọ́ ọ̀fun tì jáde, tí wọ́n máa ń dún bí ìgbà tí igi gbígbẹ bá ṣẹ́. Ẹ̀kẹta yìí ni Cameron mú. Nítorí náà ni Na'vi kò fi ní ohùn bíi ti Yorùbá. Díẹ̀ ló kù kí ó ní.

Ìró àfọ̀funtì wọ̀nyí mẹ́ta ni, a sì ń kọ wọ́n báyìí: px, tx, kx. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé wọn kò sí láyé. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ẹnu ọmọ Kánò tí ó ń pe “ƙofa”, èyíinì ni ẹnu ọ̀nà, ti gbọ́ arákùnrin kx. Lẹ́yìn èyí ni Frommer yọ b, d àti g kúrò nínú èdè náà pátápátá. Ìyọkúrò yìí ṣe pàtàkì bí ìfikún, nítorí pé ohun tí èdè kan kọ̀ láti fi ẹnu pè ni ó ń fún un ní ìrísí, ó sì ń ti orí rẹ̀ mọ bí yóò ti ya ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àjèjì. Nígbà tí ọmọ aráyé gbé ọkọ̀ òfuurufú ogun wọn dé ilẹ̀ Na'vi, tí Gẹ̀ẹ́sì wọn ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú g, ohun tí ó jáde ní ẹnu àwọn onílẹ̀ ni “kunsìp”. Dókítà di “toktor”. Jake, akọni ìtàn náà, sì di “Tsyeyk”, nítorí pé wọn kò ní j. Ohun kan náà ni àwa ṣe tí a fi ń pe kóòtù àti búrẹ́dì: a mú ọ̀rọ̀ àlejò, a sì fi aṣọ ilé wọ̀ ọ́.

Ọdẹ àti ẹranko

Ní èdè Yorùbá, ipò ni ó ń sọ ẹni tí ó ṣe nǹkan àti ẹni tí a ṣe é sí. “Ọdẹ pa ẹkùn” jẹ́ ìròyìn ayọ̀, “ẹkùn pa ọdẹ” jẹ́ ọ̀fọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan náà ni. Na'vi gba ọ̀nà mìíràn. Ọdẹ ní èdè wọn ni “taronyu”, láti ara “taron”, kí a dọdẹ, àti “-yu”, tí ó ń ṣe iṣẹ́ tí “a-” ń ṣe nínú “apẹja”. “Tspang” ni kí a pa ohun ẹlẹ́mìí, “palulukan” sì ni ẹranko abìjà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà kan tí ó ju ẹkùn lọ ní ìbẹ̀rù. Ẹ wá wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ọdẹ nínú gbólóhùn mẹ́ta.

“Taronyu tìran”: ọdẹ ń rìn. Kò sí ẹni tí ó fi ọwọ́ kàn, ọ̀rọ̀ náà sì wà ní ìhòòhò.

“Taronyul tspang palulukanit”: ọdẹ pa palulukan. Nísinsìnyí ó ṣe nǹkan sí ẹlòmíràn, nítorí náà “-l” dé sí ìdí rẹ̀, “-it” sì dé sí ìdí ẹranko tí ìyà jẹ.

“Palulukanìl tspang taronyuti”: palulukan pa ọdẹ. Ẹranko ni ó wá gba àmì olùṣe, èyí tí í di “-ìl” lẹ́yìn kọ́ńsónáǹtì, ọdẹ sì gba “-ti”.

Nítorí pé ìdí ọ̀rọ̀ ni ẹ̀rí wà, a lè da gbólóhùn kejì rú, kí a wí pé “palulukanit tspang taronyul”, ọdẹ náà ni yóò sì ṣẹ́gun. Àwa náà ní kékeré nínú irú èyí láàárín àwọn arọ́pò-orúkọ, níbi tí “mo” í ti í ṣe olùwà tí “mi” sì í ṣe àbọ̀. Ṣùgbọ́n ti Na'vi yọ sílẹ̀ ní pé ó fún ọdẹ tí ń rìn lásán, ọdẹ tí ó pa nǹkan, àti ọdẹ tí a pa ní ìrísí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èdè tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ láyé. Ọ̀kan nínú wọn ni ti àwọn Nez Perce, onílẹ̀ àtijọ́ ní Amẹ́ríkà.

Ohun tí a há sí àárín ọ̀rọ̀

Ibí yìí ni ẹnà ìgbà èwe wa ti padà wá, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìtumọ̀. Bí a bá fẹ́ sọ ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ ní Yorùbá, a ó fi “ti” tàbí “yóò” síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Na'vi a máa la ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ sí méjì bí ẹni la obì, yóò sì fi àmì ìgbà sí àárín. “Taron” ni kí a dọdẹ. “Tamaron” ni pé a ti dọdẹ nígbà kan rí. “Tìmaron” ni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti oko ọdẹ. “Tìyaron” ni pé a fẹ́ jáde báyìí. “Tayaron” ni pé a ó dọdẹ lọ́jọ́ iwájú. Àwa ní àfòmọ́ àárín, gẹ́gẹ́ bí “kí” tí ó sọ ìwà di ìwàkíwà, ṣùgbọ́n tiwa a máa dúró láàárín odindi ọ̀rọ̀ méjì, kì í bẹ́ ọ̀rọ̀ kan sí wẹ́wẹ́. Èdè Tagalog ní Philippines ni ó súnmọ́ Na'vi jù: “sulat” ni ìkọ̀wé, “sumulat” ni pé ó kọ ọ́.

Àyè kejì tún wà nínú ọ̀rọ̀ kan náà, níwájú fáwẹ́lì ìkẹyìn, níbi tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lè fi ọkàn ara rẹ̀ sí. Bí inú rẹ̀ bá dùn sí iṣẹ́ ọdẹ náà, yóò fi “ei” sí i, “tareion”. Bí ó bá bà á nínú jẹ́, yóò fi “äng” sí i, “tarängon”. Ìkíni tí gbogbo olùwòran mọ̀, “Oel ngati kameie”, kò le mọ́ fún ẹni tí ó bá ti bá mi dé ibí: “oe” ni èmi, pẹ̀lú “-l” ti olùṣe, “nga” ni ìwọ, pẹ̀lú “-ti” ti àbọ̀, “kame” ni kí a rí, pẹ̀lú “ei” tí a há sí i láàárín. Mo rí ọ, inú mi sì dùn pé mo rí ọ. Odindi gbólóhùn kejì yẹn wà nínú fáwẹ́lì méjì tí a tẹ̀ bọ àárín ọ̀rọ̀, ohun tí ó sì wú mi lórí jùlọ nínú gbogbo iṣẹ́ Frommer nìyí.

Kí ni girama ń sọ nípa àwọn tí ń sọ ọ́?

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ó fẹ́ràn fíìmù wọ̀nyí ni pé gbogbo ohun tí wọ́n bá rí nínú girama ni wọ́n ń fi ṣe ìtumọ̀ ìwà. Wọ́n a ní ìró àfọ̀funtì ń fi hàn pé jagunjagun ni wọ́n. Wọ́n a ní àmì “-l” ń fi hàn pé ìran yìí ń ka ẹ̀bi iṣẹ́ sí ẹni lọ́rùn. Èmi kò gbà. Ní Yorùbá, “ó” kan náà ni a ń lò fún ọkùnrin, fún obìnrin àti fún ewúrẹ́. Àlejò tí ó bá ti ara èyí parí èrò pé Yorùbá kò ka akọ àti abo sí, ó yẹ kí a mú un lọ sí ibi ìgbéyàwó kan ṣoṣo kí ó fojú rí i. “Po” Na'vi náà kò ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo, kò sì sí ohun tí a lè fà yọ níbẹ̀. Ìró àfọ̀funtì ń sọ fún wa nípa etí Cameron, àmì mẹ́ta ọdẹ sì ń sọ fún wa pé Frommer fẹ́ kí èdè náà ṣàjèjì sí etí ará Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó dá a nìyẹn, kì í ṣe ti àwọn tí a dá a fún.

Ibi tí èdè ti ń sọ òtítọ́ nípa ìran ni ibi tí ara wọn tàbí ìbágbé wọn bá ti wọnú rẹ̀, ìka ọwọ́ sì ni ẹ̀rí tí ó dájú jù. Yorùbá ń ka nǹkan ní ogún-ogún, nítorí pé ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ jẹ́ ogún. Ogójì ni ogún méjì, ọgọ́ta ni ogún mẹ́ta. Ìka mẹ́rin-mẹ́rin ni ó wà ní ọwọ́ Na'vi, nítorí náà mẹ́jọ-mẹ́jọ ni wọ́n ń kà. “Vol” ni 8, “mevol” ni 16, “pxevol” ni 24, “zam” sì ni 64, èyíinì ni mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ. Àwa tí ó ṣe pé a ní láti yọ mẹ́rin kúrò nínú ogún kí a tó rí mẹ́rìndínlógún, ohun tí ó jẹ́ àyọkù lójú tiwa jẹ́ odindi méjì gbáko lójú tiwọn. Jake, ẹni tí a fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ aráyé pò mọ́ ti Na'vi láti ṣe ara tí ó wọ̀, ní ìka márùn-ún. Ìṣirò wọn àti ọwọ́ rẹ̀ kò lè bá ara mu.

Ẹ̀rí kejì wà nínú ọ̀rọ̀ “àwa”. Yorùbá ní “àwa” kan. Na'vi ní mẹ́fà: ti ènìyàn méjì, ti mẹ́ta àti ti ọ̀pọ̀, a sì pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí èyí tí ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ àti èyí tí o kò sí níbẹ̀. “Oeng” ni èmi àti ìwọ. “Moe” ni èmi àti ẹlòmíràn, tí kì í ṣe ìwọ. Tok Pisin ní Papua New Guinea ń ṣe irú ìpín yìí, nítorí náà kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò nínú ìtàn tí àlejò kan wọ àárín ìran kan, tí wọn kò tíì mọ̀ bóyá ọmọ ilé ni tàbí ọ̀tá: ní gbogbo ìgbà tí onílẹ̀ bá wí pé “àwa” lójú rẹ̀, èdè ń fi ipá mú un láti sọ bóyá àlejò náà wà nínú rẹ̀. Àwọn àlejò yìí kan náà ni wọ́n ń pè ní “tawtute”, ará ojú ọ̀run, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ “Sawtute”, nítorí pé àmì ọ̀pọ̀ a máa sọ t di s.

Ọ̀wọ̀ náà wà níbẹ̀. “Nga” ni ìwọ fún ẹgbẹ́ ẹni, “ngenga” sì ni fún ẹni tí a ń bọ̀wọ̀ fún, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ “ẹ̀yin” fún àgbà. Wọ́n tún ṣe ohun tí àwa kì í ṣe: níwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀, “oe” fúnra rẹ̀ yóò di “ohe”. Bí a bá dé iwájú ọba, “èmi” wa kò yí padà. Ara ni a fi ń dọ̀bálẹ̀. Ti Na'vi, ọ̀rọ̀ náà a máa dọ̀bálẹ̀.

Àti “kame” yẹn. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n ní fún rírí: “tse'a” ni kí ojú rí nǹkan, “kame” sì ni kí ọkàn rí ẹlòmíràn, ohun tí àwa ń pè ní ojú inú. Ẹni tí ó bá fi “tse'a” kí ènìyàn ti sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n kò kí i.

Ẹnu òṣèré

Lẹ́yìn gbogbo ètò wọ̀nyí, ẹnu ènìyàn ni yóò sọ ọ́. Kí a tó ya fíìmù náà, a ti ń ní kí àwọn tí ó wá gbìyànjú ipa ka Na'vi sókè. Frommer sì wà níbi ìyàwòrán, tí ó ń ṣe àlàyé girama, tí ó ń tún ahọ́n ṣe. Síbẹ̀ àṣìṣe wáyé. Èyí tí ẹnu àwọn ọmọ aráyé inú ìtàn bá ti jáde kò ṣòro, nítorí pé àlejò ni wọ́n, àṣìsọ sì tọ́ sí àlejò. Àwọn mìíràn ni Frommer gbà wọlé, tí ó sì sọ di ara èdè náà. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Okrand ti rí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 1982, nígbà tí a fún un ní àwòrán òṣèré méjì tí ó ti sọ Gẹ̀ẹ́sì tán, tí a sì ní kí ó dá èdè Vulcan tí ìró rẹ̀ yóò bá bí ètè wọn ti ń ṣí tí ó sì ń pa dé mu.

Nígbà tí Avatar jáde, ọ̀rọ̀ Na'vi tó nǹkan bí 1,000. Ẹ̀yin tí ẹ bá tún wò ó, ẹ má ṣe tẹjú mọ́ àkọsílẹ̀ ìsàlẹ̀ nìkan. Nígbà tí wọ́n bá ń kí ara wọn, ẹ fetí sí “l” tí ó tẹ̀ lé “oe” àti “ti” tí ó tẹ̀ lé “nga”, kí ẹ sì tún fetí sí wọn níbi mìíràn tí ẹnì kan ti ń ṣe nǹkan sí ẹlòmíràn. Ìró kan náà ni ẹ ó bá ní ìdí ọ̀rọ̀ kan náà.